Pupa Mẹ́ta Nínú Ìwé Ìléwọ́ Kan: Bí A Ṣe Túmọ̀ Ìtọ́jú Ọmọ Tuntun fún Àwọn Ìyá Àkọ́bí ní Kosọ́fẹ́

Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀ ní Kétu, ní Ìkòsì tàbí ní Máìlì 12 lè gba ìwé ìléwọ́ kan kí ó tó gbé ọmọ kúrò ní ilé-ìgbẹ̀bí. Ohun mẹ́ta ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń sọ: ojú àti ara ọmọ tó ń pọ́n, ìtọ́jú ìwọ́ rẹ̀, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ọyàn tó ń mu tó o. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí a tó gbé e sí Yorùbá. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a yàn àti ìdí tí a fi yàn wọ́n, kí ìyá, ìyá àgbà, agbẹ̀bí àti ẹnikẹ́ni tó bá ń ka irú ìwé yìí sétí ẹlòmíràn lè mọ ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ wọn.

Àwọ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní funfun, ó ní dúdú, ó sì ní pupa. Ṣùgbọ́n pupa gbòòrò púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa, epo pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó ń pọ́n, ènìyàn tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ni à ń pè ní ẹni pupa. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, ó sì ní òmíràn fún àwọ̀ ìyeyè. Bí atúmọ̀ bá fi "pupa" rọ́pò méjèèjì, ojú ewé kan náà ni yóò sọ fún ìyá pé bí ara ọmọ bá pọ́n, ewu ni. Bí ìgbẹ́ ọmọ bá pọ́n, ó dára. Bí ẹ̀gbẹ́ ìdodo bá pọ́n, ewu ni. Pupa mẹ́ta, ìdájọ́ méjì. Ìyá tí kò tíì bímọ rí, tó sì ń ka ìwé náà ní òru pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, kò ní mọ èyí tí yóò mú.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni ti ara ọmọ, nítorí pé ìyìn ni "ara ọmọ pọ́n" jẹ́ ní ẹnu àwa Yorùbá. Bí àlejò bá wọlé wá kí abiyamọ, tó sì ní "Ọmọ yìí mà pupa o," ẹ̀rín ni yóò bọ́ sí ìyá lẹ́nu. Gbólóhùn tó bá ní kí ó sáré lọ sí ilé-ìwòsàn nítorí pé ọmọ rẹ̀ pupa kò lè wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà, a kò bẹ̀rẹ̀ láti ara mọ́. Ojú ni a ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ wo ibi tó yẹ kí ó funfun nínú ẹyinjú ọmọ. Bí ó bá ti dà bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, àìsàn lè wà ńbẹ̀." Kò sí ẹni tó ń ná ọjà ní Máìlì 12 tí kò mọ àwọ̀ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò fi ẹyinjú tó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ yin ọmọ.

Orúkọ àìsàn náà tún fa àríyànjiyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ibà pọ́njú. Orúkọ náà ti pẹ́, a kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n "ibà" tó wà níwájú rẹ̀ ń ṣi àwọn òbí lọ́nà. Ẹni tó bá gbọ́ ibà yóò fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. Bí kò bá gbóná, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bí ó bá sì gbà pé ibà ni, agbo ibà tàbí oògùn ibà ló máa wá. Àìsàn yìí kì í ṣe ibà, ara ọmọ sì lè tutù bí ó ti ń bá a jà. Ohun tí a wá kọ ni "kí ojú àti ara ọmọ tuntun máa pọ́n, èyí tí àwọn kan ń pè ní ibà pọ́njú, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ibà." Ó gùn, a mọ̀. Orúkọ kúkúrú tó ń tan ni jẹ kò sàn ju orúkọ gígùn tó sọ òtítọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun máa ń gbó kíákíá, tí èyí tó gbó yóò sì fọ́ láti fi àyè sílẹ̀ fún tuntun. Bí ó ti ń fọ́, ó ń tú èròjà kan sílẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní bilirúbíìnì. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kí ó kó o kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí ojú ọmọ tó ju ìdajì lọ fi ń pọ́n díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, ó sábà máa ń hàn ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó ń pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ó sì ń lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bí èròjà náà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè wọ inú ọpọlọ. Ọmọ tó bá yè é lè di adití, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè má ṣe é darí mọ́ títí ayé rẹ̀. Ìpalára yìí kò ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n ó ṣe é dènà bí a bá tètè gbé ọmọ lọ.

Nínú ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ fọ́ ju bó ti yẹ lọ, ọ̀kan wà nínú àpótí aṣọ wa. Nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ní ilẹ̀ Yorùbá ni a bí láìní èròjà G6PD tó tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èròjà yìí ni apata tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn kánfọ̀ símú, tàbí tí a wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí a ti fi kánfọ̀ pa mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́ wìtìwìtì. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún kánfọ̀ ló máa ń wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tí ìyá kan kò gbọ́ rí lẹ́nu oníṣòwò. Bí a bá kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní àkọtọ́ Yorùbá, ìyá yóò kà á kọjá, yóò sì lọ ṣí àpótí tó kó aṣọ ọmọ sí láti oṣù keje oyún, pẹ̀lú kánfọ̀ funfun kéékèèké nínú rẹ̀. "Ẹ má fi kánfọ̀ sínú aṣọ ọmọ" ni a kọ. A fi kún un pé kí wọ́n fọ èyí tó ti wà nínú kánfọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì sá a dáadáa kí wọ́n tó fi wọ ọmọ. Kí wọ́n má sì fi ìpara tàbí pàúdà tó ń ta ara yẹ́ríyẹ́rí pa á lára.

Oòrùn tún ńkọ́? Àwọn ìyá àgbà wa máa ń tẹ́ ọmọ sí oòrùn àárọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì nira láti fi gbólóhùn kan sọ. Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ ń tú bilirúbíìnì. Iná àwọ̀ aró tí wọ́n ń tan sí ọmọ lára ní ilé-ìwòsàn ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an. Ní ọdún 2015, Dókítà Bọ́lájókòó Olúsanyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwòsàn ìgbẹ̀bí ti Erékùṣù Èkó. Wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ kan sí abẹ́ àtíbàbà tí a fi ọ̀rá pàtàkì ṣe, èyí tó ń sẹ́ oòrùn, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó wúlò kọjá, tó sì ń dí èyí tó ń jó ara àti púpọ̀ nínú ooru lọ́nà. Ó ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú, iná ilé-ìwòsàn sì ṣiṣẹ́ ní ìdá 90. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì wà lórí àwọn ọmọ náà, wọ́n ń wọn ooru ara wọn, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Oòrùn ẹ̀yìnkùlé kò ní ọ̀rá, kò sì ní nọ́ọ̀sì. Ewu rẹ̀ tó tóbi jù ni ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ìdílé yóò fi máa wò ó bóyá oòrùn á ṣiṣẹ́. Bákan náà ni omi gúlúkóòsì, omi ìbẹ́pẹ àti oògùn kíkán fún ọmọ lẹ́nu: wọn kì í mú bilirúbíìnì kúrò, àkókò nìkan ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ọmọ kan dé ayé ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n kí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó lù, ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, bó bá tilẹ̀ ń mu ọyàn dáadáa, nítorí pé èyí tó bá tètè dé báyìí kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀ tí kò tíì gbọ́n. Ká ní ti ọmọ tiwa kò hàn títí di àárọ̀ Ọjọ́rú. Ìyá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù, nítorí pé gílóòbù a máa pa àwọ̀ dà. Ó fi ìka tẹ imú ọmọ díẹ̀, ó gbé ìka kúrò, ó sì wo àwọ̀ tó wà lábẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún ọmọ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Ó wo erìgì rẹ̀ pẹ̀lú. Ojú pọ́n díẹ̀, ọmọ sì ń mu ọyàn. Kí ó gbé e lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní ọjọ́ náà kí wọ́n yẹ ẹ́ wò, nítorí pé ojú lásán kò lè wọn bí èròjà náà ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì, tí àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ pọ́n, tàbí tí ọmọ ń sùn débi pé kò jí mu ọyàn, tí igbe rẹ̀ ń dún ṣóńṣó tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun, kò sí ìdúró mọ́. Ilé-ìwòsàn tó ní iná ìtọ́jú, tó sì lè pa ẹ̀jẹ̀ ọmọ dà, ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ aago méjì ọ̀sán yìí mú wa dé orí kíka ọjọ́. Ìṣirò Yorùbá ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Ọjọ́ kẹjọ ni à ń sọ ọmọ lórúkọ, nígbà tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì yóò pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ méje lẹ́yìn ìbí. Atúmọ̀ tó bá kọ "ní ọjọ́ kìíní" fún wákàtí 24 àkọ́kọ́ ti pàdánù, nítorí pé fún ọmọ tí a bí ní aago mọ́kànlá alẹ́, ọjọ́ kìíní ti parí ní wákàtí kan sí i. Nítorí náà, aago sí aago ni a lò níbi tí ewu bá wà. Níbi tí ọjọ́ ti tó, ìsọmọlórúkọ ni a fi ṣe òpó.

Èyí wúlò fún ìwọ́. Ìwọ́ tó mọ́, tó sì gbẹ, ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀: kí a fọ ọwọ́ kí a tó kàn án, kí a ká ìlédìí sí abẹ́ rẹ̀ kí ìtọ̀ má bàa kàn án, kí a má sì fi aṣọ gbígbóná jó o. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa máa ń fi nǹkan sí i, epo, òrí, ọṣẹ ìfọyín àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì lè gbé kòkòrò wọlé. Nítorí irú àṣà yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi fọwọ́ sí jẹ́ẹ̀lì kilorẹ́síìdíìnì, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tí àṣà náà bá ti wọ́pọ̀. Ìjọba àpapọ̀ wa sì gbé ètò jáde ní ọdún 2016 láti mú kí jẹ́ẹ̀lì náà tàn ká Nàìjíríà. Bí nọ́ọ̀sì bá fún ìyá, "láti ọjọ́ tí a bí i títí di àìsùn ìsọmọlórúkọ" ni a kọ. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé yóò gbà á títí di ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀méje gééré.

Ibí yìí ni èdè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wa ṣe aburú. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àwọn ènìyàn ń ṣèèṣì kán kilorẹ́síìdíìnì ìwọ́ sí ojú ọmọ ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ní Áfíríkà, pé ó lé ní ogójì ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n ti gbọ́, àti pé ó ń ba ẹyinjú jẹ́ gan-an. Wọ́n ń ṣì í mú fún oògùn ojú, nítorí pé ike tàbí túùbù rẹ̀ jọ ọ́. Ẹ wá wo ohun tí Yorùbá ń ṣe: bí a bá fẹ́ kọ̀wé dáadáa, "ẹ fi jẹ́ẹ̀lì sí ojú ìwọ́" ni a máa kọ, bí a ti ń sọ ojú egbò tàbí ojú ọ̀nà. Gbólóhùn tó dán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kà á pẹ̀lú oorun lójú, tàbí tí ọmọ ilé-ìwé ń kà á fún, lè gbọ́ "ẹ fi jẹ́ẹ̀lì sí ojú," kí ó má gbọ́ ìyókù. A yọ "ojú" kúrò pátápátá ní abala ìwọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: "Ẹ fi í sí orí kùkùté ìwọ́ àti yíká ìdí rẹ̀. Ìwọ́ nìkan. Ẹ má fi í sí ẹyinjú, etí tàbí ẹnu ọmọ. Bí ó bá ṣèèṣì kan ẹyinjú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn."

Fún ẹ̀gbẹ́ ìdodo tó ń pọ́n, pupa kejì nìyẹn, a fi ẹ̀jẹ̀ àti ooru ṣe àlàyé: "Bí awọ tó yí ìwọ́ ká bá pọ́n bí ẹran tútù, tó wú, tó gbóná, tó ń ṣọyún tàbí tó ń rùn, ẹ gbé ọmọ lọ." Lára ọmọ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, pípọ́n náà lè má hàn, wíwú àti gbígbóná ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Abala ọyàn kò pẹ́ lọ́wọ́ wa tó ìyókù, àfi ọ̀rọ̀ méjì. Ọ̀kan ni "oúnjẹ". Bí a bá kọ "àmì pé ọmọ fẹ́ oúnjẹ," ìyá àgbà yóò ronú ẹ̀kọ tàbí omi. "Ọyàn" ni a ń kọ jálẹ̀, ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà. Èkejì ni "nígbà tí ọmọ bá béèrè". Báwo ni ọmọ ọjọ́ kẹta ṣe ń béèrè? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé igbe ni, bẹ́ẹ̀ igbe ni àmì tó pẹ́ jù. Kí ó tó ké, yóò ti máa yí orí wá ọmú, yóò ya ẹnu, yóò máa fi ọwọ́ sẹ́nu. Àwọn wọ̀nyí ni a kọ, a sì sọ pé ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru ni. Ọmọ tó ń sùn jù kò béèrè nǹkan kan; ìyẹn náà ni ọmọ tí ojú rẹ̀ lè máa pọ́n, nítorí pé ìgbẹ́ ni bilirúbíìnì ń bá jáde, bí ọyàn kò bá wọlé, ìgbẹ́ kò ní jáde. Kí wọ́n jí i.

Àmì pé ọyàn tó ọmọ wà nínú ìlédìí. Láti bí ọjọ́ kẹfà, ó yẹ kí ó tọ̀ nígbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ìlédìí àrà-ọ̀tọ̀ tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù a máa fa ìtọ̀ mu débi pé a kò ní mọ̀ pé ó tọ̀. Kí ìyá fi òwú díẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ kan, òwú á sọ fún un. Ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú bí ọ̀dà ní ìbẹ̀rẹ̀, á di àwọ̀ ewé, títí di nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún tí yóò di rírọ̀, pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè. Pupa kẹta nìyẹn, èyí tó dára, a sì kọ ọ́ báyìí: "Ìgbẹ́ tó ní àwọ̀ ìyeyè dára. Ẹyinjú tó ní àwọ̀ ìyeyè kò dára." A fi gbólóhùn méjèèjì sí ìlà kan náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ọ̀kan láì ka èkejì. Bí ìgbẹ́ bá funfun bí ẹfun, tí ojú ọmọ sì ń pọ́n títí kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ló gbọ́dọ̀ wò ó, nítorí pé ẹ̀dọ̀ lè ní àrùn mìíràn.

Níkẹyìn ìwé, a kò pa àṣẹ fún ìyá nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó ló ń wẹ ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwọ́ wà, kì í ṣe ọwọ́ ìyá àkọ́bí. "Má ṣe" tó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe é sọ fún un. Bí ọmọbìnrin bá kà á jáde, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá wa tó ń wẹ ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo ẹyinjú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọ omi ní àràárọ̀" ni a kọ. Iṣẹ́ tó tọ́ sí àgbà ni, àárọ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ mọ́ jù fún un. Fún pàjáwìrì tó bá ṣẹlẹ̀ lóru, nọ́ńbà ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 tàbí 767, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ẹni tó bá pè sọ ọjọ́ àti aago tí a bí ọmọ, ibi tó ti pọ́n dé lára rẹ̀, àti ìgbà tó mu ọyàn kẹ́yìn.